Bí Mo Ṣe Gbé Iṣẹ́ Lẹ́kì àti Iṣẹ́ Ìkẹjà Lé Orí Ìwọ̀n Kan Náà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026, ilé-iṣẹ́ méjì fún mi ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. Èyí tó wà ní Lẹ́kì fẹ́ máa san ₦500,000 lóṣù, èyí tó wà ní Ìkẹjà fẹ́ máa san ₦440,000. Ògbà ni èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjì ń gbé. Nítorí náà, mi ò lè fi ₦60,000 tí ọ̀kan fi ju èkejì lọ ṣe ìpinnu, àfi kí n mọ iye tí yóò kù sí mi lọ́wọ́ lẹ́yìn owó ìfẹ̀yìntì, owó orí, owó ọkọ̀ àti owó ìwòsàn.

Mo kọ́kọ́ bèèrè bí wọ́n ṣe pín owó náà. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ máa dá ìdá 8 nínú 100, ó kéré tán, kí agbanisíṣẹ́ sì máa dá ìdá 10, ṣùgbọ́n orí ojúlówó owó oṣù, owó ilé àti owó ọkọ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbé ìṣirò náà kà. Ilé-iṣẹ́ Lẹ́kì kó ₦300,000 péré sábẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì pe ìyókù ní àjẹmọ́nú mìíràn. ₦24,000 ni wọn yóò yọ nínú owó mi, tí wọn yóò sì fi ₦30,000 kún un. Ti Ìkẹjà kó gbogbo ₦440,000 síbẹ̀, èyí tó já sí ₦35,200 láti ọ̀dọ̀ mi àti ₦44,000 láti ọ̀dọ̀ wọn.

Lẹ́yìn náà ni owó orí. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2026 kò gba nǹkan kan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún, ó ń gba ìdá 15 nínú 100 lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ó sì ń gba ìdá 18 lórí ohun tó bá lé lórí ìyẹn títí dé ₦12,000,000. Kí wọ́n tó ṣírò rẹ̀, a ó ti yọ owó ìfẹ̀yìntì kúrò, pẹ̀lú ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé tí a ń san, ṣùgbọ́n ìdá kan yìí tí a ń yọ kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. ₦700,000 ni à ń san lọ́dún, nítorí náà ₦140,000 ni tèmi. Fún Lẹ́kì, owó tó kù fún owó orí jẹ́ ₦5,572,000 lọ́dún, owó orí rẹ̀ sì jẹ́ ₦792,960, ìyẹn ₦66,080 lóṣù. Ti Ìkẹjà jẹ́ ₦53,264 lóṣù. Iye tí yóò wọ àpò mi wá di ₦409,920 ní Lẹ́kì àti ₦351,536 ní Ìkẹjà.

Owó ọkọ̀ ló yí ọ̀rọ̀ padà. Mi ò fi iye tí wọ́n ń gbà ní ọ̀sán ṣírò, nítorí àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni òṣìṣẹ́ ń wọkọ̀. Láti Ògbà dé Ọbaléndé, kí n tún wọ òmíràn dé Lẹ́kì, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ ₦4,000, ó sì di ₦88,000 fún ọjọ́ iṣẹ́ 22. Ìkẹjà kò ju ₦1,000 lójúmọ́ lọ, ìyẹn ₦22,000. Lẹ́kì ku ₦321,920, Ìkẹjà ku ₦329,536.

Ní ti ìwòsàn, èmi nìkan ni ètò adójútòfò Lẹ́kì bò, ti Ìkẹjà sì kó ìyàwó àti ọmọ mọ́ ọn. Iye tí wọ́n dá lé mi tí mo bá fẹ́ ra irú rẹ̀ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ₦216,000 lọ́dún. Ká ní mi ò ní rà á rárá ni, mi ò bá má kà á sí owó. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé n ó rà á, mo sì yọ ₦18,000 lóṣù kúrò lára Lẹ́kì. Ó ku ₦303,920, Ìkẹjà sì fi ₦25,616 jù ú.

Lẹ́kì tún ṣèlérí owó oṣù kẹtàlá, ìyẹn ₦150,000, “bí ilé-iṣẹ́ bá ṣe dáadáa”. Òdo ni mo kọ sí i, nítorí ẹni tó kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò jẹ gbèsè kankan. Bí wọ́n bá tilẹ̀ san án pé, ₦12,500 ni lóṣù kí wọ́n tó yọ owó orí, kò sì lè dí àlàfo náà. Mi ò fi owó ìfẹ̀yìntì tí agbanisíṣẹ́ ń dá kún owó ọwọ́, nítorí kì í ṣe owó tí mo lè ná lóṣù yìí. Ojú ewé ọ̀tọ̀ ni mo kọ ọ́ sí. Níbẹ̀ pàápàá, àpapọ̀ tèmi àti tiwọn ní Ìkẹjà fi ₦25,200 ju ti Lẹ́kì lọ lóṣooṣù.

Mo wá yí ìṣirò náà síwá sẹ́yìn láti mọ ohun tó lè mú Lẹ́kì borí. Bí wọ́n bá fẹ́ fi owó dí àlàfo náà, wọn yóò fi nǹkan bíi ₦31,300 kún àjẹmọ́nú, nítorí owó orí yóò mú ìdá 18 lára rẹ̀. Bí wọ́n bá sì gbà kí n máa ṣiṣẹ́ láti ilé ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ọjọ́ 13 péré ni n ó máa wọkọ̀ lóṣù, ₦36,000 yóò sì bọ́ kúrò lára owó ọkọ̀. Èyí ni mo bèèrè, torí kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Wọ́n ní kò sí nínú ìlànà wọn, mo sì fọwọ́ sí lẹ́tà Ìkẹjà.