Ágádágodo 8 tí mo kọ́kọ́ rà: bí mo ṣe kọ ìwé òfin títi ẹ̀rọ pa fún àwọn ọ̀gá ṣíìfù

Ágádágodo 8 ni mo ní kí wọ́n rà, nítorí ẹ̀rọ 8 ló wà nílẹ̀ iṣẹ́. Ìṣirò yẹn ló kó mi sí wàhálà. Òfin tuntun lórí títi ẹ̀rọ pa, èyí tí mo fẹ́ kọ ìwé lé lórí, kò fi ẹ̀rọ ka ágádágodo rárá, orí èèyàn ló fi kà á. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ, yálà láti tún un ṣe, láti fọ̀ ọ́ tàbí láti yọ ohun tó há, gbọ́dọ̀ ní ágádágodo tirẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lápò òun nìkan. Ojú ewé kejì ló wà. Èmi ni mo sáré kà á, la bá tún owó ná.

Orúkọ ẹ̀rọ, ọjọ́ àti ibi ìfọwọ́sí kò gbà mí lákòókò. Ohun tó yí padà ni mo fi ṣáájú: a kò ní ka títẹ bọ́tìnnì pupa pàjáwìrì sí títi ẹ̀rọ pa mọ́. Ó ń dá ẹ̀rọ dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná ṣì wà nídìí súwíìṣì ńlá, ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá sì lè tú u sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń tẹ̀ tí páálí bá há.

Ẹ̀rọ tó ń tẹ páálí ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Ohun 3 ló lè mú un mira: iná, atẹ́gùn tí a fún pọ̀, àti pátákó irin òkè tí ìwúwo ara rẹ̀ lè já a lulẹ̀. Ẹ pa súwíìṣì ńlá, kí ẹ tì í. Ẹ ti fáàfù atẹ́gùn, kí ẹ fi ágádágodo sí i. Ẹ ki ọ̀pá ìdádúró sábẹ́ pátákó, kí òun náà gba ágádágodo.

Atẹ́gùn ló máa ń tan èèyàn jẹ. Fáàfù tó kàn ń dí ọ̀nà á há èyí tó ti kọjá mọ́ inú páìpù àti písítọ̀nù. Tí ẹ bá wá yọ páálí tó há, písítọ̀nù á fò síwájú, ágádágodo á sì wà lórí fáàfù gbọnin. Fáàfù tó ní ihò ìtúsílẹ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ óò gbọ́ "ṣììì" bó ṣe ń tú u jáde. Ẹ wá wo géèjì tó wà láàárín fáàfù àti ẹ̀rọ, kì í ṣe èyí tó wà ṣáájú fáàfù, kó wà lórí òdo. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń gbé ẹ̀rọ dìde wò. Bí kò bá mira, ẹ rí i pé ẹ dá a padà sí ipò pípa, kí ẹ̀rọ má baà gbéra fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá dé.

Mo rò pé mo ti parí ni. Gbólóhùn kan ṣoṣo, nípa pàṣípààrọ̀ ṣíìfù, ni àwọn ọ̀gá ṣíìfù fi dá ìwé náà padà fún mi lẹ́ẹ̀mẹta. Òfin ní ààbò kò gbọ́dọ̀ já láàárín ṣíìfù méjì. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kò yé àwọn. Mo kọ ọ́ gùn sí i, ó tún burú sí i. Nígbà kẹta ni mo tó kọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe: kọ́kọ́rọ́ ágádágodo 3 tó wà lára ẹ̀rọ á wọ inú àpótí pupa, àwọn 2 tó ń ṣiṣẹ́ á sì fi ágádágodo ti ara wọn ti àpótí náà. Tí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn 2 tó ń wọlé á kọ́kọ́ fi tiwọn sí i, ágádágodo á di 4, kí àwọn tó ń lọ tó yọ tiwọn. Ẹni tó ń wọlé ló ń ṣáájú. Tí ẹni tó ń lọ bá ṣáájú, àpótí á wà ní ṣíṣí, ìgbà yẹn gan-an sì ni ẹlòmíràn máa ń tan ẹ̀rọ.

"Tí ẹni tó ń lọ bá gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ sílé ńkọ́, ọ̀gá?" ni ọ̀kan nínú wọn bi mí. Ìbéèrè yìí dára, ó kàn bí mi nínú pé n kò ronú kàn án. Ẹnì kan ní kí a tọ́jú kọ́kọ́rọ́ kejì sí ọ́fíìsì. Rárá o: kọ́kọ́rọ́ kejì á sọ ágádágodo di ohun ọ̀ṣọ́. Kí ọ̀gá ṣíìfù wá ẹni náà káàkiri ilẹ̀ iṣẹ́, kó pè é lórí fóònù, kó yẹ ẹ̀rọ wò yíká, kó tó gé ágádágodo náà pẹ̀lú ẹlẹ́rìí. Kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì rí i pé ẹni náà gbọ́ kó tó tún fọwọ́ kan iṣẹ́. Ká ní mo mọ̀ ni, ibẹ̀ ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìwé náà.

Òṣìṣẹ́ 14 ló ń ki ọwọ́ bọ ẹ̀rọ, a kì í sì í tú ju ẹ̀rọ 2 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. 14 fún èèyàn, 6 fún ẹ̀rọ: 20. Àwọn 8 àkọ́kọ́ kò sí lára rẹ̀, nítorí kọ́kọ́rọ́ kan náà ló ń ṣí gbogbo wọn. Kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń tì báyìí.