Bí mo ṣe mọ ìwọ̀n ìdọ̀tí inú ẹ̀rọ ìpààrọ̀ ooru kí n tó tú u

Ẹ̀rọ tí mo ṣiṣẹ́ lé lórí ni èyí tí ń tu omi ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ ńlá kan lára. Omi gbígbóná ń ṣàn yí àwọn páìpù rẹ̀ ká, omi odò sì ń gba inú páìpù náà kọjá ní ìdojúkọ rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ náà ṣì mọ́, omi ẹ́ńjìnnì ń wọlé ní dígírì 80, ó ń jáde ní 65, omi odò ń wọlé ní 30, ó sì ń jáde ní 40. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, omi ẹ́ńjìnnì ń wọlé ní 90, ó sì ń jáde ní 75.

Ẹnì kejì mi ní páǹpù ló ti rẹ̀. Èmi kò gbà, nítorí pé ẹrù tí jẹnẹrétọ̀ ń gbé kò yí padà, omi odò ṣì ń fi dígírì 10 gbóná sí i, omi ẹ́ńjìnnì sì ń fi 15 tutù bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí omi kan bá ti dínkù ni, ìyàtọ̀ tirẹ̀ ìbá ti pọ̀ sí i.

Lítà 10 omi ẹ́ńjìnnì ní ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ooru tí a ń gbé jẹ́ kìlówáàtì 627. Ojú páìpù gbogbo jẹ́ mítà 12 níbùú lóròó. Ìpíndọ́gba ìyàtọ̀ ooru láàárín omi méjèèjì, tí a ń fi lọ́gáríìdímù ṣírò, jẹ́ 37.4 nígbà tó mọ́, ó sì di 47.5. Láti ibẹ̀ ni mo ti rí U, òǹkà tí ń sọ bí ooru ṣe ń rọrùn kọjá tó:

```
U = Q / (A × ΔT)
mímọ́:   627000 / (12 × 37.4) = 1397
ìdọ̀tí:  627000 / (12 × 47.5) = 1100
Rf = 1/1100 − 1/1397 = 0.00019
```

Rf yìí ni ìdènà tí ìdọ̀tí fi kún ti àtẹ̀yìnwá, ó sì gba nǹkan bí ìdá márùn-ún kan lọ́wọ́ U. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí ìdọ̀tí náà ṣe lè fẹ́lẹ́ tó. Bí ó bá jẹ́ èérá tí ń yọ̀, tí omi pọ̀ nínú rẹ̀, ìdá mẹ́wàá mílímítà kan ti tó láti fa ìdènà yẹn, ṣùgbọ́n èépá ẹfun líle gbọ́dọ̀ nípọn tó ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin èyí.

Bákan náà, ìdènà kan náà kì í pa gbogbo ẹ̀rọ lára bákan náà. Bí a bá fi 0.00019 yìí sínú ẹ̀rọ tí ń tu ọ́ìlì, tí U rẹ̀ jẹ́ 250, yóò bọ́ sí nǹkan bí 239 péré, nítorí pé ọ́ìlì fúnra rẹ̀ ti ń dènà ooru ju ìdọ̀tí náà lọ. Ẹ̀rọ tí omi wà ní ìhà méjèèjì, tí ooru ń yára kọjá nínú rẹ̀, ni ìdọ̀tí díẹ̀ ń mú wálẹ̀ jù.

A ṣí ìdérí rẹ̀, èérá tó ń yọ̀ la bá nínú àwọn páìpù. A fi búrọ́ọ̀ṣì gba inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì fi omi ṣàn wọ́n. Nígbà tí a tún tan jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú ẹrù kan náà, omi ẹ́ńjìnnì wọlé ní 81, ó jáde ní 66, U sì di nǹkan bí 1360. Ìdènà tó ṣẹ́kù kò tó 0.00002, mo sì gbà pé ìta páìpù ló wà, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì wa kò dé.