Bí èmi àti àbúrò mi ṣe wá èsì sí ìjà orí gúrúùpù ẹbí ọkọ rẹ̀

Aago mẹ́wàá alẹ́ ku díẹ̀ ni àbúrò mi obìnrin fi àwòrán ojú fóònù rẹ̀ kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kọ sábẹ́ rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni kí n sọ?" Gúrúùpù ẹbí ọkọ rẹ̀ ni. Wọ́n ń palẹ̀ mọ́ fún ìrántí ọdún kẹwàá ikú bàbá àgbà wọn. Ilé kọ̀ọ̀kan ń dá 50,000 náírà, Àǹtí, tí í ṣe àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀, ló sì ń gba owó náà jọ. Ohun tí mo rí nìyí, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́:

Àǹtí, 9:14: Awon ara Ibadan ti ko owo wa.
Ọkọ rẹ̀, 9:16: Owo ta la ko? E ro o ki e to soro.
Ọkọ rẹ̀, 9:17: This message was deleted
Àǹtí, 9:19: Ole ke? Enu mi ko lo ti jade.
Ìbátan wọn kan l'Ékòó, 9:25: Owo odun to koja nko? A o ti i gbo isiro.
Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, 9:31: Iyawo wa, o n ka a o, o o so nnkan kan.

Àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀ ni "ara Ìbàdàn" yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló san owó náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, rìsíìtì báǹkì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti fẹ́ gbé e sórí gúrúùpù kí gbogbo ayé rí i. Mo ní kó dúró ná. Ẹni tó bá gbé rìsíìtì síwájú ẹni tí kò bi í ní rìsíìtì ti gbà pé wọ́n pe òun lólè nìyẹn, èmi ò sì tíì rí ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ béèrè ni apá òkè. Àwòrán tó fi ránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ tó dùn ún, ibẹ̀ ni gbogbo wa sábà máa ń gé e. Ó yí i sókè, ó tún ya òmíràn. Ní 9:05, bàbá kan nínú ẹbí ti béèrè pé: "Awon wo lo ti ko owo wa?"

Mo wá kọ gbólóhùn Àǹtí sórí ìwé lọ́nà méjì, mo fi àmì ohùn sí i. Àkọ́kọ́: "Àwọn ará Ìbàdàn ti kó owó wá." Ìkejì: "Àwọn ará Ìbàdàn ti kó owó wa." Èyí àkọ́kọ́ ń sọ pé wọ́n ti san tiwọn. Èyí ìkejì ń sọ pé wọ́n ti gbé owó ẹbí sá lọ. Àmì kan ṣoṣo lórí a ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ká ní Àǹtí fi ẹnu sọ ọ́ ni, kò sí ẹni tí ì bá ṣì í gbọ́. Kò sì so ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ ìbéèrè 9:05, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mìíràn ti wọ àárín wọn, ló fi dà bí ẹni pé ó ṣàdédé sọ ọ́.

Báwo la ṣe mọ èyí tó ní lọ́kàn? Ìbéèrè bàbá yẹn ni ẹ̀rí kìíní, òun ni Àǹtí ń dá lóhùn. Ẹ̀rí kejì wà nínú ọ̀rọ̀ 9:19: "Ẹnu mi kọ́ ló ti jáde." Obìnrin tó bá fẹ́ fi ẹ̀sùn olè kan ènìyàn kò ní tún sọ bẹ́ẹ̀. Ó ya obìnrin náà lẹ́nu ni, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ sì fò ó kọjá.

Ọ̀rọ̀ 9:19 yìí kan náà fi nǹkan mìíràn hàn mí. Ọkọ àbúrò mi ti pa ọ̀rọ̀ 9:17 rẹ́, ó rò pé ó ti lọ. Ṣùgbọ́n "Olè kẹ̀?" tí Àǹtí dá a lóhùn fi hàn pé ó ti kà á kí ọkọ àbúrò mi tó pa á rẹ́. Mo ní kí àbúrò mi bi ọkọ rẹ̀. Ó ní ohun tí òun kọ ni: "Se e ri wa bi ole ni?" Nítorí náà, kò sí bí a ṣe lè ṣe bí ẹni pé kò sọ ọ́.

Àbúrò mi ń ṣàlàyé fún mi pé ọkọ òun kò rí Àǹtí fín, ṣebí "ẹ" ló lò. Òótọ́ ni, "ẹ" wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n "ẹ rò ó kí ẹ tó sọ̀rọ̀" jẹ́ ohun tí àgbà ń sọ fún ọmọdé. Kò sí iye "ẹ" tí ó lè mú un dùn létí àbúrò bàbá ẹni.

Ó wá kọ èyí tó fẹ́ fi ránṣẹ́: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ọkọ mi, kò mọ̀ pé bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ ló dà á rú." Mo ní kó má fi í ránṣẹ́. Ìyàwó ilé kì í dá ọkọ rẹ̀ lẹ́bi lójú àwọn ará ilé ọkọ, bẹ́ẹ̀ ni kò tún yẹ kó sọ fún Àǹtí ní gbangba pé òun ló kọ ọ̀rọ̀ tí kò yé ènìyàn. Gbólóhùn kan ṣoṣo náà ti ṣẹ ẹni méjèèjì. Ẹ̀bẹ̀ yẹn kì í ṣe tirẹ̀ rárá. Ọkọ rẹ̀ ló ni ín, orí fóònù ló sì yẹ kó ti bẹ̀ ẹ́, kí Àǹtí gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ kò kọ́kọ́ gbà. Nígbà tó rí gbólóhùn méjèèjì tí mo kọ sórí ìwé, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Háà, wá ni wọ́n ń sọ." Ó pe Àǹtí, ó ní òun dọ̀bálẹ̀. Ìgbà tó gbé fóònù sílẹ̀ ni àbúrò mi tó tẹ èyí sórí gúrúùpù:

"Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé wa. Àǹtí, ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún gbogbo ilé pé a ti kó owó wá. Bàbá àwọn ọmọ ti bá yín sọ̀rọ̀. A ó tún máa gbọ́ tiyín lórí aṣọ."

Mo ní kó rí i dájú pé ó fi àmì sórí wá: kó tẹ a mọ́lẹ̀ títí á yóò fi yọ, kó sì yàn án. Àwọn tó ti ka ọ̀rọ̀ Àǹtí sí ẹ̀sùn olè máa rí ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ Àǹtí ní ìwé. Ọ̀rọ̀ aṣọ tó wà nísàlẹ̀ ni mo fi síbẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ fèsì lè rí nǹkan mìíràn dáhùn.

Ó bi mí pé ti ìṣirò owó ọdún tó kọjá ńkọ́. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àmì ohùn nìyẹn, ẹ̀hónú gidi ni, ó ti wà nílẹ̀ kí ìjà alẹ́ yìí tó dé. Àwọn ọmọ ilé ló lè béèrè rẹ̀, àwọn ló sì lè dáhùn.

Ní 10:22 Àǹtí fèsì: "Iyawo wa, o seun. Mo ti gbo oro oko re. Aso yoo de lose to n bo." Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó ń bá a wí lẹ́ẹ̀kan tẹ ọwọ́ àdúrà sábẹ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, orúkọ àwọn ilé tó ti san wà lórí gúrúùpù, ti ara Ìbàdàn sì ni àkọ́kọ́. Ìbéèrè 9:25 ṣì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó tíì dá a lóhùn.