Bí a ṣe ń ka déètì ara páàkì ẹran: ẹ wo ọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó wo nọ́ńbà

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé Ìlú Ọba, tó bá mú páàkì ẹran ní ṣọ́ọ̀bù, nọ́ńbà lojú ẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ. 14 NOV. Ó ti gbà pé ọjọ́ yẹn lẹran náà máa bàjẹ́, ó jù ú sínú básíkẹ́ẹ̀tì, ó ń lọ. Bí èmi náà ṣe ṣe é nìyẹn fún bí ọdún méjì. Àmọ́ nọ́ńbà yẹn nìkan ò tíì sọ nǹkan kan fún yín o. Ọ̀rọ̀ kékeré tí wọ́n kọ sí iwájú ẹ̀ ló ń sọ irú ọjọ́ tó jẹ́, àwọn ìlà tíntìntín tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ ló sì ń sọ bóyá ọjọ́ yẹn ṣì dúró tẹ́ ẹ bá ti gbé ẹran délé. Òfin Ìlú Ọba ni mò ń bá lọ níbí, torí ti ibòmíì yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ lẹ ó kọ́kọ́ wò. Tó bá jẹ́ USE BY ni wọ́n kọ, ọ̀rọ̀ ìlera nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ adùn. Òun lẹ máa rí lára ẹran inú fíríìjì ṣọ́ọ̀bù, ìyẹn adìyẹ, ẹran lílọ̀, ẹ̀dọ̀, ẹran tí wọ́n ti sè tí wọ́n gé pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹ lè sè é tàbí kẹ́ ẹ gbé e sí fírísà títí di agogo méjìlá òru ọjọ́ yẹn gan-an. Tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá ti mọ́, ẹ gbé e jù nù, kódà kó máa dán kó má rùn rárá. Ṣọ́ọ̀bù tó bá ta á lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ti rú òfin.

Ibi tá a ti máa ń jiyàn rèé, torí imú la fi tọ́ wa. Nílé, màmá mi á gbé ẹran sókè, á gbóòórùn ẹ̀, á ti mọ̀. Imú màmá mi kò parọ́, àmọ́ ẹran tí wọ́n pa láàárọ̀ tá a sì sè ká tó jẹun alẹ́ ló ń gbóòórùn ẹ̀. Oríṣi kòkòrò àìfojúrí méjì ló wà lára ẹran. Àwọn kan ló ń mú kó máa rùn kó máa yọ̀, àwọn yẹn nimú wa mọ̀. Àwọn kejì ló ń dá àìsàn síni lára, wọn kì í sábà rùn, wọn kì í sì í pa àwọ̀ ẹran dà. Ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ń pè ní lìsítéríà, inú fíríìjì níbẹ̀ ló ti ń pọ̀ sí i, òtútù kò dí i lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fáwọn aláboyún gidi gan-an nípa ẹran sísè inú páàkì, torí wọn kì í tún gbé e kaná kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Ẹ lè ní ṣebí ẹ máa sè é jinná dáadáa, òótọ́ ni pé iná ń pa kòkòrò, àmọ́ àwọn kan wà tí wọ́n ti da májèlé sínú ẹran kẹ́ ẹ tó gbé e kaná, iná ò sì ní mú májèlé yẹn kúrò.

Tó bá jẹ́ BEST BEFORE ni, nígbà míì BBE tí oṣù àti ọdún nìkan tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ adùn nìyẹn. Ara ẹran tó ti dì gbagidi lẹ máa ń rí i. Tí ọjọ́ ẹ̀ bá kọjá, tí ẹran náà ò sì yọ́ rí látìgbà tẹ́ ẹ ti gbé e délé, kò ní pa yín lára, ó kàn lè ti gbẹ ni. Ẹ máa rí àwọn ibi tó funfun bí ìgbà tí eérú bá kù sí i lára, òtútù ló fa omi ara ẹ̀ jáde, tẹ́ ẹ bá sè é á le á sì máa rí bí òwú lẹ́nu. Ẹ gé ibẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ fi ìyókù se ọbẹ̀.

DISPLAY UNTIL ò kàn yín, àwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n kọ ọ́ sí kí wọ́n lè mọ ìgbà tí wọ́n máa kó ọjà kúrò lórí kántà. EXP tó mọ́ wa lójú lára ọjà tó ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ rí i lára ẹran níbí. Ẹ sì má fi ojú Ìlú Ọba ka páàkì Amẹ́ríkà o. Lọ́hùn-ún, yàtọ̀ sí mílíìkì ìkókó, ìjọba àpapọ̀ ò fi dandan lé e pé kí wọ́n kọ déètì sára oúnjẹ, USE BY tiwọn sì sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ adùn. Oṣù ni wọ́n tún máa ń kọ ṣáájú ọjọ́, 03/04 tiwọn jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin níbí tẹ́ ẹ ò bá fura.

Ìlà kejì tẹ́ ẹ máa wá ni ti ibi tẹ́ ẹ máa tọ́jú ẹ̀ sí. Wọ́n á kọ ọ́ pé kẹ́ ẹ gbé e sínú òtútù, ó sábà máa ń jẹ́ dígírì 5 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Orí òtútù yẹn ni wọ́n dúró sí kí wọ́n tó ka ọjọ́ yẹn, tí fíríìjì yín ò bá tutù tó bẹ́ẹ̀, déètì yẹn ti já. Mo mọ èyí dáadáa torí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ra itan adìyẹ, ó ṣì ku ọjọ́ méjì gbáko kí USE BY ẹ̀ pé, mo ṣí fíríìjì láàárọ̀, mo rí i pé rọ́bà tí wọ́n fi bò ó ti wú sókè bíi bàlúù, omi inú ẹ̀ sì ti ń ki. Èrò mi ni pé ṣọ́ọ̀bù ló ta ẹran tó ti bàjẹ́ fún mi. Aládùúgbò mi kan, ìyá àgbà tó ti ṣiṣẹ́ kíṣìnnì ilé ìwòsàn rí, ló ní kí n fi ife omi kan sáàárín fíríìjì, kí n ju tẹmómítà sínú ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Dígírì 9 ló kà. Mo ti kó ìkòkò ọbẹ̀ àti àwọn kúlà ẹ̀fọ́ dí ẹnu ibi tí atẹ́gùn tútù ń gbà jáde, ilẹ̀kùn fíríìjì náà ò sì pa dé dáadáa mọ́. Látìgbà náà ni tẹmómítà ti ń gbé inú fíríìjì mi, isàlẹ̀ pátápátá tó tutù jù ni ẹran tútù sì ń wà, kò sí lára ilẹ̀kùn.

Ìlà kẹta ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà, òun ló ń sọ pé tẹ́ ẹ bá ti ṣí i, ẹ jẹ ẹ́ láàárín ọjọ́ báyìí báyìí. Gáàsì tí wọ́n dìídì fẹ́ sínú páàkì, tàbí bí wọ́n ṣe fa atẹ́gùn inú ẹ̀ jáde tán, ló ń dá kòkòrò dúró. Bẹ́ ẹ bá ti fi ọ̀bẹ kan rọ́bà yẹn, ọjọ́ ńlá tí wọ́n kọ síwájú ò ṣiṣẹ́ mọ́, èyí tó bá yá jù nínú méjèèjì lẹ máa tẹ̀ lé. (Ẹran màlúù tí wọ́n fa atẹ́gùn ẹ̀ jáde máa ń dúdú rẹ́súrẹ́sú, á sì ní òórùn kan tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i. Ẹ gbé e kalẹ̀ díẹ̀, tó bá kàn jẹ́ ti páàkì, òórùn yẹn á lọ, àwọ̀ ẹ̀ á sì padà pọ́n.)

Ẹ jẹ́ ká fi páàkì kan ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní Sátidé, ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá 2025, mo ra itan adìyẹ méjìlá, USE BY ẹ̀ jẹ́ 14 NOV, ìyẹn ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e. Lára ẹ̀ wọ́n kọ ọ́ pé tí mo bá ti ṣí i, ọjọ́ méjì péré. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 9, mo ṣí i, mo se mẹ́fà. Mẹ́fà tó kù, ọjọ́ wo ló wá ní? Kì í ṣe 14 mọ́, ọjọ́ Túsìdeè 11 ni. Mi ò fẹ́ dúró dìgbà yẹn, mo kó wọn sínú lọ́rà, mo fún atẹ́gùn inú ẹ̀ jáde, mo fi bírò kọ "itan 6, 9 NOV" sí i, ó di inú fírísà. Látìgbà tó ti dì, ọjọ́ 11 àti 14 yẹn ti dúró, òtútù -18 ò jẹ́ kí kòkòrò lè pọ̀ sí i, àmọ́ kò pa wọ́n o. Ní alẹ́ Tọ́sìdeè, ọjọ́ 4 oṣù kejìlá, mo gbé e kúrò ní fírísà sínú fíríìjì, mo fi abọ́ sábẹ́ ẹ̀ kí omi ẹ̀ má baà kán sórí ẹ̀fọ́. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ó ti yọ́ tán. Wákàtí 24 ni mo ní látìgbà yẹn, ó ti gbọ́dọ̀ wà lórí iná kó tó di ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ọjọ́ mẹ́fà tó ṣẹ́ kù nígbà tí mo ra á, mi ò lè kà á mọ́ ọn, ó ti lọ nìyẹn. Mi ò sì lè dá a padà sí fírísà ní tútù, àmọ́ tí mo bá ti fi se ọbẹ̀ ata, ọbẹ̀ náà lè wọ fírísà lẹ́ẹ̀kan.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn sítíkà yẹ́lò tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹran lálẹ́ tí wọ́n bá dín owó ẹ̀ kù nìyẹn, tí mo bá ra á lágogo mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ tí USE BY ẹ̀ pé, tí mo gbé e sí fírísà kí òru tó gan, kò sí wàhálà. Ẹ kàn ka ara páàkì kọ́kọ́, torí àwọn kan ti dì rí kí wọ́n tó gbé wọn sórí kántà, pàápàá tọ̀lótòló àti ẹran àgùntàn, wọ́n á sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti dì rí, kẹ́ ẹ má dà á padà sí fírísà. Irú ìyẹn, ẹ sè é lóòjọ́.

Tó bá wá jẹ́ ẹran dídì lẹ fẹ́ rà, ẹ wo àwọn ìràwọ̀ kéékèèké lẹ́yìn páàkì, kẹ́ ẹ wá wo ti ara fírísà yín. Àpótí yìnyín kékeré inú fíríìjì sábà máa ń ní ìràwọ̀ kan, ọ̀sẹ̀ kan péré ni ẹran dídì lè lò níbẹ̀. Ìràwọ̀ méjì jẹ́ oṣù kan. Ìràwọ̀ mẹ́ta ló lè gbé e dé BEST BEFORE tí wọ́n kọ, mẹ́rin nìkan ló sì lè mú ẹran tútù dì dáadáa. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ mi páàkì náà. Ó yẹ kí ẹran inú ẹ̀ máa dún kọ̀ọ̀kan kọ̀ọ̀kan tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n gé, tí gbogbo ẹ̀ bá ti lẹ̀ pọ̀ di òkúta kan, tí yìnyín pupa sì gbá jọ sí igun kan, ó ti yọ́ rí kó tó tún dì, ẹ dá a padà.

Ẹran ewúrẹ́ àti tọ̀lótòló tí wọ́n fi ẹ̀rọ rẹ́ sínú lọ́rà funfun ní ṣọ́ọ̀bù àwa ará ilé, tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì kankan, ẹ ní kí wọ́n gbé páálí tí wọ́n ti mú un jáde wá. Ara páálí yẹn ni ọjọ́ tí wọ́n mú un dì àti BEST BEFORE ẹ̀ máa wà. Ẹ fi fóònù ya á, tẹ́ ẹ bá délé, ẹ kọ ọ́ sára lọ́rà kó tó wọ fírísà.