Bí Mo Ṣe Rí Àléébù Inú Ọ̀rọ̀ Fídíò Gaàrí Kan

Obìnrin kan tó ń ṣe fídíò oúnjẹ sórí YouTube ní kí n bá òun tún ọ̀rọ̀ inú fídíò kan kọ. Oníṣẹ́jú mẹ́fà ni, ó sì dá lórí ìdí tí gaàrí kan fi máa ń kan ju òmíràn lọ. Àwọn òǹwòran kì í dúró, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni ó sì ń dá lẹ́bi.

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo wo ìlà tí YouTube Studio máa ń yà láti fi iye òǹwòran tó ṣẹ́ kù hàn bí fídíò ṣe ń lọ. Mo wá kọ àkókò sí ẹ̀gbẹ́ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ náà, kí n lè mọ gbólóhùn tí ènìyàn gbọ́ gbẹ̀yìn kí ó tó lọ. Bí ìbẹ̀rẹ̀ kò bá lágbára, ìlà náà yóò já lójijì láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́. Ti èyí kò já níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń sọ̀kalẹ̀. Abọ́ gaàrí méjì tó kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, tó ní inú ẹ̀gẹ́ kan náà ni wọ́n ti wá ṣùgbọ́n ọ̀kan kan, èkejì kò kan, ti di àwọn ènìyàn mú.

Ní 1:10 ni ìlà náà já, níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́, tó sì ń fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá kánjú yóò gé ibẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n mo máa ń wo ohun tó ṣáájú ibi tí ìlà ti já. Mo kọ ìbéèrè tí òǹwòran ṣì ń wá ìdáhùn sí síwájú ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo sì rí i pé láti 0:50 lọ, kò sí ìbéèrè kankan mọ́. Níbẹ̀ ni ó ti sọ pé ẹ̀gẹ́ rírin tó bá pẹ́ nínú àpò kí wọ́n tó yan án ni yóò kan jù. Ẹni tó bá ti gbọ́ èyí kò ní ohun tí yóò torí rẹ̀ wo bíbó ẹ̀gẹ́.

Mo gbé ìdáhùn náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fún omi ẹ̀gẹ́. Ní ipò rẹ̀, mo ní kó sọ pé kì í ṣe iná tàbí omi ló fà á, kí ó sì dín bíbó àti fífọ̀ kù sí gbólóhùn méjì.

Ìparí rẹ̀ náà ṣófo, nítorí “ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò” kò sọ ohun tí ènìyàn yóò ṣe. Mo fi èyí rọ́pò rẹ̀: “Ẹ pín ẹ̀gẹ́ rírin yín sí àpò méjì, ẹ yan ọ̀kan lọ́jọ́ kejì, ẹ yan èkejì lọ́jọ́ kẹrin, kí ẹ tọ́ méjèèjì wò.”

Nígbà tó tún un ṣe, ìlà tuntun náà kò já ní 1:10 mọ́. N kò fi iye òǹwòran fídíò méjèèjì wéra, nítorí àkòrí àti àwòrán ojú fídíò lè yí ìyẹn padà. Bí ìlà ṣe rí nìkan ni mo gbára lé.