Ẹnì kan ṣoṣo ni kó gba bónọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, bí ẹ̀yin àti àbúrò yín bá jọ ń lo fóònù kan, ẹnì kan ṣoṣo ni kó gba bónọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ ilé tẹ́tẹ́ ló fi í mọ sí ẹyọ kan fún ìdílé kan. Bí ẹ̀gbọ́n bá fi 5000 fáráǹ bónọ́ọ̀sì sí ìhà kan nínú tẹ́tẹ́ oníhà méjì, tí àbúrò fi tirẹ̀ sí ìhà kejì, ẹnì kan á ṣáà jẹ. Ìyẹn gan-an ni wọ́n ń pè ní ìlòkulò. Wọn lè má sọ̀rọ̀ títí ẹ ó fi fẹ́ gbowó. Ìgbà yẹn ni wọ́n á yẹ káàdì ìdánimọ̀ àti fóònù wò, wọ́n á sì gbẹ́sẹ̀ lé èrè. Ṣùgbọ́n bí òfin wọn bá ka àkáǹtì méjì lórí fóònù kan léèwọ̀ pátápátá, àìgba bónọ́ọ̀sì kò ní gbà yín sílẹ̀.