Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Wáìnì Pupa Tí Ó Ń Gbẹ Ẹnu

Bí ẹnìkan bá mu wáìnì pupa níbi àpèjẹ ní Súrúlérè tàbí ní Ìkòyí, tí ahọ́n rẹ̀ sì gbẹ lójijì, ohun tí ó sábà máa ń sọ ni pé wáìnì náà korò tàbí pé ó ti kan. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, òun ni ó sì ń bí àwọn yòókù. Kíkorò ni ewúro ń korò, kíkan sì ni ọsàn wẹ́wẹ́ ń kan. Ìtọ́wò ni méjèèjì, ahọ́n ni a fi ń mọ̀ wọ́n. Gbígbẹ yìí kì í ṣe ìtọ́wò rárá, ìfarakàn ni. Ẹni tí ó bá ti gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n jẹ rí mọ̀ pé èrìgì àti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ pàápàá máa ń gbẹ pẹ̀lú ahọ́n.

Èròjà kan tí à ń pè ní tánìnì ni ó fà á. Inú èèpo àti hóró èso àjàrà ni ó pọ̀ sí, níwọ̀n ìgbà tí a sì máa ń fi omi àjàrà pupa sílẹ̀ pẹ̀lú èèpo rẹ̀ títí yóò fi di ọtí, ó pọ̀ nínú wáìnì pupa ju funfun lọ. Itọ́ wa ní èròjà amúaradàgbà tí ń mú kí ẹnu máa yọ̀. Tánìnì a máa so mọ́ èròjà yìí, wọn a sì dì pọ̀, itọ́ a pàdánù yíyọ̀ rẹ̀, ahọ́n a wá máa ha ẹ̀rẹ̀kẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwo tí a fi ọṣẹ fọ ọ̀rá kúrò lára rẹ̀ ṣe máa ń há mọ́ ìka.

Ẹni tí kò mọ èyí ni ó ń da ṣúgà tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò sí i. Ṣúgà lè bo kíkorò díẹ̀, ṣùgbọ́n tánìnì ṣì wà níbẹ̀. Kéèkì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé lẹ́yìn adùn rẹ̀, wáìnì náà yóò dà bí èyí tí ó le sí i.

Fíríìsà náà kò ràn án lọ́wọ́. Bí wáìnì pupa bá tutù bí yìnyín, gbígbẹ rẹ̀ a máa hàn sí i, òórùn èso inú rẹ̀ a sì pamọ́. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a mu ún nínú ooru Èkó náà, nítorí ní ìwọ̀n ọgbọ̀n dígírì, líle ọtí nìkan ni imú yóò gbọ́. Ìwọ̀n dígírì 16 sí 18 ni ó dára jù, èyí tí wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀ nínú fíríìjì lè mú un dé.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti ata. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ra ìgò Kabẹnẹ́ Sofiyọ́n kan, irú wáìnì tí tánìnì rẹ̀ pọ̀, ó sì gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú ata ẹja àrọ̀. Ata ti ń jó ẹnu, ọtí ń fi kún jíjó náà, tánìnì sì ń gbẹ ibi tí ó ń jó. Lẹ́yìn ẹnu mẹ́ta, gbogbo wa gbé ife sílẹ̀. Ẹja pẹ̀lú kò bá a mu, nítorí irin tí ó wà nínú irú wáìnì bẹ́ẹ̀ máa ń mú òórùn ẹja jáde lẹ́yìn gbígbé mì.

Nígbà tí ó yá, a gbé ẹran màlúù ọlọ́ràá tí a fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà bọ̀, tí a sì dín fẹ́ẹ́rẹ́, wá, pẹ̀lú wàrà díndín. A jẹ ẹran, a gbé e mì, lẹ́yìn náà ni a tó mu wáìnì inú ìgò kan náà. Ẹnu kò gbẹ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, òórùn èso sì jáde. Amúaradàgbà ẹran àti ti wàrà ni tánìnì so mọ́ dípò ti itọ́, ọ̀rá bo inú ẹnu, iyọ̀ sì dín kíkorò kù. Ohun kan náà ni mílíìkì ń ṣe nínú tíì tí ó le. Àwọn tí ń ṣe wáìnì ní Bọ̀dó ní ilẹ̀ Faransé pàápàá ti ń lo funfun ẹyin láti yọ tánìnì tí ó bá pọ̀jù.

Ṣùgbọ́n inú ẹnu ni oúnjẹ ti ń ṣiṣẹ́, kò yí ohun tí ó wà nínú ife padà. Bí a bá jẹ ẹran tán, tí a sì ń mu wáìnì lọ, gbígbẹ náà a máa pọ̀ sí i lẹ́nu kọ̀ọ̀kan, nítorí pé itọ́ tuntun kì í tètè rọ́pò èyí tí ó bàjẹ́. Ẹ fi ẹran díẹ̀ sílẹ̀ de ife ìkẹyìn. Bí ó bá sì jẹ́ pé ata kò ṣeé yọ nínú oúnjẹ ọjọ́ náà, ẹ fi Kabẹnẹ́ pamọ́ di ọjọ́ mìíràn, kí ẹ ra Píno Nuwáà tàbí Gamé, tí tánìnì wọn kéré.